Fódà ìsìnkú mẹ́sàn-án, fọ́tò kan náà: báwo lẹ ṣe ń to fọ́tò àti fídíò ẹbí yín?

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí ìyá wa ti papò dà, èmi ni wọ́n kó fọ́tò ẹbí lé lọ́wọ́. Òṣogbo la ti sin wọ́n, ní oṣù Kejìlá ọdún 2019: àìsùn ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12, ìsìnkú ní ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 13, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú ọjọ́ 15. Ọmọ márùn-ún ni wá, ẹnì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan wà ní Hústọ̀nù. Kálukú ló ń fi fóònù rẹ̀ yà á, a sì tún pe ayàwòrán kan tó gbé kámẹ́rà méjì wá.

Orí háàdì dískì kan ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Ẹ wo ohun tí mo bá níbẹ̀:

```
Mama burial
Mama burial 2
Mama burial new
Mama burial new (1)
Phone Lara
WhatsApp pics
DCIM
Video from photographer
For Uncle
```

Fọ́tò kan náà lè wà nínú fódà mẹ́ta, kí orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó dùn mí jù ni pé àbúrò mi kó fọ́tò kámẹ́rà kejì dà sórí ti èkíní nínú fódà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá kó fi èyí rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́tò tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá a lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ayàwòrán náà kò tíì pa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ rẹ́.

Ìkómọ ń wọlé, ìgbéyàwó ń wọlé, fídíò àwọn ọmọ ń wọlé lójoojúmọ́. Mo fẹ́ ìlànà kan tí àwa márààrún máa lè tẹ̀ lé. Báwo lẹ ṣe ń to tiyín?

Ṣeun_Láptọ́ọ̀pù

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú orúkọ. Kọ̀ǹpútà ti mọ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ `Date` sí, ó máa tò ó fúnra rẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe tèmi láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Ayàwòrán Mókọ́lá

Ṣeun, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, àmọ́ apá kejì lè kó Ìyá Ìbejì sí wàhálà. Ó kéré tán, fáìlì kan máa ń ní ọjọ́ mẹ́ta lára. Èyí tí kámẹ́rà kọ sínú ikùn fáìlì lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n yà á ni àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí fáìlì dé orí dískì yẹn ni ìkejì. Ọjọ́ tí wọ́n yí nǹkan padà nínú rẹ̀ kẹ́yìn ni ìkẹta. Bí o bá kó fọ́tò láti orí dískì kan sí òmíràn lónìí, Wíńdóòsì á kọ òní sí `Date created`. Bí o bá gbà á sílẹ̀ láti orí ayélujára, `Date modified` náà sábà máa ń di òní. Tinú ikùn fáìlì ni kì í yí padà bí a ṣe ń gbé e káàkiri. Nítorí náà, bí ó bá ń tò dáadáa fún ọ lónìí, dúró di ọjọ́ tí o bá pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù.

Ìyá Ìbejì, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ya ìnáwó nílùú Ìbàdàn, ìpele méjì péré ni mo ń lò: fódà ọdún, lẹ́yìn náà fódà ìnáwó. Ọdún ni kó ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn, nọ́ńbà méjì-méjì fún oṣù àti ọjọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ìyẹn 13-12-2019, ọjọ́ 13 oṣù gbogbo ló máa wọ́ jọ sójú kan. Bí ẹ bá kọ orúkọ oṣù, April á ṣáájú January. Bí ẹ bá sì kọ 9 dípò 09, kọ̀ǹpútà yín lè mọ̀ pé ó ṣáájú 10, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki dískì yẹn bọ tẹlifíṣọ̀n, ó ṣeé ṣe kí 10 gba iwájú.

Báyìí ni mo ṣe máa to tiyín:

```
2019/
  2019-11-00_ojoojumo/
  2019-12-00_ojoojumo/
  2019-12-12_isinku-iya_osogbo/
    1-aisun/
    2-isinku/
    3-idupe/
```

Ọjọ́ tí ìnáwó bẹ̀rẹ̀ ni kí fódà máa jẹ́, kódà bó gba ọjọ́ mẹ́rin. Àìsùn máa ń kọjá ààjìn. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àárín orin kan náà lẹ máa gé e sí. Fọ́tò wẹ́wẹ́ tí kì í ṣe ti ìnáwó, bí ọmọ tó ń jẹun tàbí ojú ọ̀nà Ifẹ̀, inú `ojoojumo` oṣù rẹ̀ ló ń lọ. Mo kọ 00 sí i kó lè jókòó síwájú oṣù náà. Àwọn kan máa ń fi fódà oṣù sáàárín ọdún àti ìnáwó. Mo ṣe é fún ọdún méjì, mo sì pa á tì, torí pé ní oṣù púpọ̀, fódà kan ṣoṣo ni mo ń bá nínú fódà tí mo bá ṣí.

Nípa fọ́tò tó sọnù yẹn: láti 0001 dé 9999 ni kámẹ́rà ń kà, á sì tún padà sí 0001. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kámẹ́rà méjèèjì ló ní `DSC_0412` tirẹ̀, ìyẹn lèkejì fi gbé èkíní mì. Ẹ fi ọjọ́ àti wákàtí ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa nọ́ńbà kámẹ́rà rẹ́: `2019-12-13_112750_DSC_0412.jpg`. Bí ẹ bá padà wá bá ayàwòrán lọ́dún méjì sí i pé kó bá yín tẹ ẹyọ kan tóbi, DSC_0412 ló máa wá nínú dískì tirẹ̀.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí i pé ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú fọ́tò, inú mi dùn. Àwọn fọ́tò bàbá mi wà nínú álúbọ́ọ̀mù kan láti bí ọgọ́ta ọdún, wọ́n ti ń hu funfun létí. Kí ni kí n fi nù wọ́n? Ọmọ mi ti bá mi sikáànì 212 nínú wọn, ṣùgbọ́n scan0001, scan0002 ni wọ́n ń jẹ́, fóònù sì ń sọ pé ọdún 2023 la yà wọ́n. Bàbá mi ti kú ṣáájú ìgbà yẹn. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ya èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ṣé ẹni tí kò mọ ọjọ́ lè lo ìlànà yín yìí?

Atọ́jú-Ìwé

Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ìwé ni iṣẹ́ mi, mi ò mọ nípa fọ́tò tó ń hu tó ẹni tó ń tún un ṣe, nítorí náà ohun kan péré ni mo máa sọ: ẹ má fi omi kàn án, ẹ yọ wọ́n kúrò láàárín àwọn tó ṣì mọ́, kí ẹ sì gbé wọn síbi gbígbẹ tí oòrùn kò ti ń kàn án.

Ní ti ọjọ́, 2023 tí fóònù ń sọ ni ọjọ́ tí ẹ̀rọ sikáànì ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ bá mọ̀ nìkan ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi X sí ojú ibi tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá mọ ọdún nìkan, ó di `1964-XX-XX`. Bí ẹ bá mọ̀ pé láàárín 1960 sí 1969 ni, ó di `196X`. Ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà ní Wáṣíńtìnì ló kọ́kọ́ gbé irú ìlànà yìí kalẹ̀, àjọ tó ń fọwọ́ sí òṣùwọ̀n lágbàáyé sì gbà á wọlé lọ́dún 2019. Kò parọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá méfò `1964-01-01`, ọmọ ọmọ yín á rò pé ọjọ́ ọdún tuntun ni wọ́n yà á.

Ẹ tún sikáànì ẹ̀yìn fọ́tò náà, kí ẹ fún un lórúkọ kan náà pẹ̀lú `_ehin` nídìí. Òǹtẹ̀ ilé ayàwòrán tàbí ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá yín lè wà níbẹ̀, òun ló sì sábà máa ń jẹ́ ká mọ ọdún. Ohun tó wà nínú fọ́tò náà lè sọ̀rọ̀. Bí títì bá wà nínú rẹ̀ tí ọkọ̀ ń gba ọwọ́ òsì, ó ti ju ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 lọ sẹ́yìn, nítorí ọjọ́ yẹn ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù: bí lẹ́tà bá kọjú sódì, a jẹ́ pé wọ́n dojú fíìmù délẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Olùkọ́

Ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà kan wà nínú ọ̀kan! Mo ti lọ wò ó. Ọwọ́ òsì ló wà, àkọlé iwájú rẹ̀ sì kọjú sí wa dáadáa. Mo ti ń rò pé 1974 ni wọ́n yà á, torí pé ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ayàwòrán Mókọ́lá

Ọ̀gá Atọ́jú-Ìwé, mo gbọ́ ti X, àmọ́ 00 ni mo máa dúró lé. Nọ́ńbà ṣáájú lẹ́tà nínú títò, nítorí náà `1964-XX-XX` á lọ kẹ́yìn lẹ́yìn oṣù Kejìlá. Mo fẹ́ kí ohun tí mi ò mọ̀ ọjọ́ rẹ̀ wà níwájú, kí n lè máa rí i, kí n lè máa béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà.

Atọ́jú-Ìwé

Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ti fi 00 ṣe "oṣù yìí gan-an, fọ́tò wẹ́wẹ́" lókè, ẹ tún fẹ́ fi ṣe "mi ò mọ̀ ọ́n" nísàlẹ̀. Ẹni tó bá bá dískì yẹn lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ èyí tí ẹ ń sọ. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ kékeré kan ní iwájú dískì.

Ará Hústọ̀nù

Èmi náà ni wọ́n kó tiwa fún. Mo lo `exiftool`, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ọjọ́ inú ikùn fáìlì, láti yí orúkọ gbogbo rẹ̀ padà. Fọ́tò jáde dáadáa, àmọ́ fídíò ya wèrè. Fídíò kan wà tí wọ́n fi fóònù yà níbi àìsùn bàbá wa ní Iléṣà. Mo mọ̀ pé ó ti kọjá ààjìn nítorí pé ẹnìkan ń sọ ọ́ nínú rẹ̀ pé aago méjìlá ti lù. Orúkọ tó jáde ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn kò tíì pé jọ nígbà yẹn! Ṣé fóònù yẹn ló bà jẹ́ ni?

Atọ́jú-Ìwé

Fóònù náà kò bà jẹ́. Aago ibi tí ẹni náà wà ni fọ́tò ń gbà sínú ikùn. Fídíò fóònù ní tirẹ̀ máa ń gba aago Gíríníìṣì, ìyẹn UTC, ibi yòówù kí ẹ wà. Ní Nàìjíríà, wákàtí kan péré ló fi yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í kíyè sí i, àfi bí ìnáwó bá kọjá ààjìn. Fídíò tí wọ́n yà ní aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú òru ọjọ́ 13 á kọ 23:40 ọjọ́ 12 sínú.

Bí ẹ bá ní kí `exiftool` yí i sí aago ìlú, aago tí kọ̀ǹpútà yín wà ló máa lò. Ti Hústọ̀nù ni tiyín. Ní oṣù Kejìlá, Hústọ̀nù fi wákàtí méje wà lẹ́yìn Nàìjíríà, nítorí náà fídíò yẹn á di 17:40 ọjọ́ 12. Ẹ kọ́kọ́ yí aago ìlú kọ̀ǹpútà yín sí ti Èkó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe é:

```
exiftool -r -api QuickTimeUTC -ext mp4 -ext mov -d "%Y-%m-%d_%H%M%S_%%f.%%le" "-TestName<CreateDate" isinku
```

`TestName` kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun, orúkọ tí fáìlì máa jẹ́ nìkan ló máa kọ jáde fún yín. Ẹ kà á. Bó bá tọ̀nà, ẹ pa `TestName` rẹ́, ẹ fi `FileName` sí i. Ẹ kọ́kọ́ mú fídíò kan tí ẹ mọ wákàtí rẹ̀ dájú, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ńlá àwọn ayàwòrán ń kọ aago ìlú sínú fídíò, wọn kì í tẹ̀ lé UTC. Fún irú wọn, ẹ yọ `-api QuickTimeUTC` kúrò.

Ti fọ́tò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ:

```
exiftool -r -d "%Y-%m-%d_%H%M%S_%%f.%%le" "-TestName<DateTimeOriginal" isinku
```

Ará Hústọ̀nù

Mo ti yí aago sí ti Èkó, mo sì tún un ṣe. Ààjìn kọjá díẹ̀ ló jáde. Ẹ ṣé gan-an ni.

Ọmọ Káàárọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, ohun kan sì ń dùn mí. `isinku-iya_osogbo`. Àmì ohùn dà? Àmì abẹ́ ṣ dà? Àwa tí à ń sọ pé kí àwọn ọmọ wa má gbàgbé èdè, àwa la tún ń ya àmì kúrò lára orúkọ ìlú wa nínú ohun tí a fẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn. Tèmi ní àmì látòkè délẹ̀, ọdún kejì rèé, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan.

Atọ́jú-Ìwé

Ó dùn mí bó ṣe dùn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Kò sí ẹyọ lẹ́tà kan tó jẹ́ ọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Àkópọ̀ ni: ọ pẹ̀lú àmì òkè, tàbí o lásán pẹ̀lú àmì abẹ́ àti àmì òkè. Ó dá lórí kíbọ́ọ̀dù tí ẹ lò. Ojú èèyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n fún kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ti rí ẹ̀rọ tí fódà méjì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ `Òṣogbo`, ìkan láti orí Máàkì, ìkan láti orí Wíńdóòsì, ìdajì fọ́tò nínú èyí, ìdajì nínú ìyẹn. Ẹni tó ń wá nǹkan nínú ọ̀kan kò rí ohun tó wà nínú èkejì. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ ń lò, ó lè jẹ́ pé ìdí nìyẹn tí kò tíì fi ṣe yín. Ìyá Ìbejì ń kó ti èèyàn márùn-ún jọ láti ìlú mẹ́ta.

Inú ikùn fáìlì ni mo ń kọ Yorùbá tó pé sí, níbi àlàyé fọ́tò, ó sì ń bá fọ́tò náà lọ síbi tó bá ń lọ:

```
exiftool "-XMP-dc:Description=Ìsìnkú Ìyá, Òṣogbo" 2-isinku
```

Orúkọ fáìlì dà bí nọ́ńbà ilé, ibi àlàyé yẹn ni mo ń pè ní orúkọ gan-an.

Ọmọ Káàárọ̀

Mo gbọ́, mo sì máa gbìyànjú ibi àlàyé yẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ fódà ni ọmọ á kọ́kọ́ rí, kì í ṣe inú ikùn fáìlì. Èmi ò ní yọ àmì kúrò lára tèmi.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo bá a dé.

Orúkọ fódà ni mo kọ́kọ́ kọsẹ̀ lé. Mo kọ `isinku-iya`, ọmọ mi obìnrin sì bi mí pé ìyá ta ni? Ó tọ̀nà. Ìyá mi ni fún mi, Ìyá Àgbà ni fún un, ìyá ọkọ mi náà sì tún jẹ́ Ìyá Àgbà fún un, a ti ya tiwọn náà sórí dískì kan náà lọ́dún 2022. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ bá ní ọmọ, èmi náà á di Ìyá Àgbà. Nítorí náà mo lo oríkì tí gbogbo ẹbí fi mọ̀ wọ́n: `2019-12-12_isinku-iya-abeke_osogbo`. Mo ti fi lé àwọn àbúrò mi lọ́wọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ "màámi" tàbí "bọ̀dá" sórí fódà mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni kámẹ́rà kejì. Nígbà tí mo lo `TestName`, gbogbo fọ́tò rẹ̀ ló jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015. Ẹ̀rù bà mí. Mo pe ayàwòrán náà, ó ní bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú nígbà yẹn, òun kò sì tún aago rẹ̀ ṣe. Mo wá jókòó, mo ń wá ohun kan náà tí kámẹ́rà méjèèjì yà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rí i: ìgbà tí wọ́n ń gbé pósí wọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú méjèèjì, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè lórí àtẹ̀gùn, aṣọ pupa orí pósí sì ṣẹ́ lápá kan náà. Kámẹ́rà kìn-ín-ní kọ 2019:12:13 11:27:50 sí i. Èkejì kọ 2015:01:03 04:12:20. Mo fi ìkan yọ ìkan: ọdún mẹ́rin, oṣù mọ́kànlá, ọjọ́ mẹ́wàá, wákàtí méje, ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú-àáyá 30.

```
exiftool "-AllDates+=4:11:10 7:15:30" kamera2
```

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó yí orúkọ padà. `exiftool` fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti fọ́tò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú `_original` nídìí, mi ò sì tíì pa wọ́n rẹ́. Nígbà tí mo ṣí fódà `2-isinku`, fọ́tò kámẹ́rà méjèèjì ti wọ inú ara wọn, wọ́n ń tò bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láti iwájú, mo sì rí i láti ẹ̀yìn nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún 2019.

Ti Wáàsáàpù ló kù. `IMG-20191216-WA0031.jpg`, 16 ni ó kọ, ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n fọ́tò inú ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Ẹtì ni. `exiftool` sì ń sọ pé òun kò rí ọjọ́ kankan nínú ikùn rẹ̀. Kí ni kí n ṣe sí 600 irú rẹ̀?

Ṣeun_Láptọ́ọ̀pù

Mà, mo ti gbà pé ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí kò pé. Mo yẹ tèmi wò, gbogbo fọ́tò mi tó ti ṣáájú ìgbà tí mo ra láptọ́ọ̀pù yìí ló ń jẹ́ ọjọ́ kan náà ní `Date created`. Ní ti Wáàsáàpù, ó dá mi lójú pé ọjọ́ tó wọ fóònù ló ń kọ sórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yọ ọjọ́ inú ikùn kúrò. Bí ẹ bá lè rí ẹni tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹ ní kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Odidi ló máa wá pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ayàwòrán Mókọ́lá

Ṣeun sọ ọ́ dáadáa. Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti tò. Ọ̀pọ̀ nínú 600 yẹn á jẹ́ fọ́tò tí ẹ ti ní ojúlówó rẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀: ti Wáàsáàpù ìgbà yẹn kì í sábà ju píksẹ́lì 1600 lọ ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn, ti kámẹ́rà á tó ìlọ́po rẹ̀ méjì, mẹ́ta. Èyí tí ẹ bá ti ní ojúlówó rẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Èyí tó jẹ́ òun nìkan ló wà, bíi fọ́tò tí àlejò kan yà tó sì ti sọ fóònù rẹ̀ nù, ẹ fi sínú fódà `4-wasapu` nínú fódà ìsìnkú náà. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́. Ẹ má fún un ní wákàtí tí ẹ kò mọ̀.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Nínú 50 àkọ́kọ́, 38 ni mo ti ní ojúlówó wọn. Ọ̀kan nínú 12 tó kù ni fọ́tò ìyá mi tí wọ́n gbé sórí tábìlì níbi àìsùn, ẹnìkan yà á pẹ̀lú àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó yà á. Mo ti fi í sórí gúrúùpù ẹbí, mo ń béèrè.